Ta Ló Fa Ìlà Pupa Lé Màmá Lórí?

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlòmíì ń sá fún lórí kọ̀ǹpútà, òun gan-an ló máa ń dùn mọ́ mi. Kí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti fọwọ́ kan ìwé kan ṣoṣo, kí ọ̀kan fa ìlà pupa la ọ̀rọ̀ kan kọjá, kí èkejì fi tirẹ̀ kún un ní àwọ̀ búlúù, kí ẹ̀kẹta máa ráhùn létí ìwé, ara mi á yá gágá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kó gẹdú ránṣẹ́ sókè òkun ní Owendo, èbúté kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àdéhùn kan kì í sì jáde lọ́wọ́ wa kí ẹni tó ń rà, ẹni tó ń tà, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti lọ́yà má tíì ya á yánnayànna. Èmi ni mo máa ń jókòó ti àtúnṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá fara mọ́, màá tẹ ibi tí wọ́n kọ «Accepter» sí, yóò wọnú ìwé. Èyí tí a kò bá fara mọ́, màá tẹ «Refuser», ìwé á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún ara mi: mi ò kì í gba àtúnṣe tí mi ò bá mọ ẹni tó ṣe é. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe àtúnṣe sí i, nítorí náà òfin yẹn kò ni mí lára rárá, àfi ọjọ́ Sátidé kan.

Ìjọ wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún nígbà náà, wọ́n sì ní kí n kọ ìtàn ìjọ. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò! Ibí yìí ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi ka ìwé, Yorùbá sì ni mo fi ń jìyà lọ́wọ́ ìyá mi. Pé wọ́n fún mi ní ìtàn àwọn òbí wa láti kọ ní Yorùbá, kí a tó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún àwọn ọmọ, iyì ńlá ni lójú mi. Mo lọ bá àwọn àgbà, mo gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, mo kọ ọ́ jọ. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo tan ohun tó máa ń jẹ́ kí àtúnṣe hàn, mo sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Pásítọ̀ wa, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan ti parí láná. Ẹnìkejì ni Bàbá, aránṣọ àgbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní àdúgbò Nombakélé. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti Nàìjíríà, nígbà tí òmìnira ilẹ̀ yìí ṣì tutù. Ẹ̀kẹta ni Màmá, tí gbogbo ìjọ ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun ló bí mi. Ará Kétu ni Màmá, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dàhómì nígbà yẹn. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló mú un wá, Atong Abè ni wọ́n sì ń gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé bá ọkọ, ibẹ̀ náà ni Màmá ṣì wà. Màmá gbé mi pọ̀n ní kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ orin gbogbo tí mo mọ̀.

Ẹ wá gbọ́. Bàbá àti Màmá kì í gba ti ara wọn. Kì í ṣe ìjà àwọn tó kórìíra ara wọn o, ìjà àwọn tó ti mọra jù ni. Bàbá á dìde níwájú ìjọ, á ní àwa ọmọ Nàìjíríà la dá ìjọ yìí sílẹ̀. Màmá á jókòó síbi tó wà, á rọra fèsì pé orin ni wọ́n bá lẹ́nu òun nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo máa ń wo ojú Màmá, mo sì máa ń rò ó pé ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìpínrọ̀ kan sínú ìtàn náà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ: «Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira ilẹ̀ yìí, a kò ní ilé tí a ó ti sin Ọlọ́run. Màmá ló ṣí ilé ìdáná rẹ̀ ní Atong Abè fún wa, ibẹ̀ la sì ti kọ́kọ́ kọrin.» Ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ìwé náà kò ju ibẹ̀ lọ. Ìpínrọ̀ yẹn ni Màmá nínú ìtàn ìjọ wa. Tí ó bá jáde, Màmá jáde nìyẹn.

Pásítọ̀ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ padà lọ́jọ́ kejì. Bàbá àti Màmá kò ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àwọn á lọ sí sáíbà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá kọ̀ǹpútà lò, èyí tó wà ní Nombakélé, kí ọkùnrin ará Bẹ̀nẹ̀ tó ni ín máa kà á fún wọn, kí ó sì máa bá wọn tẹ ohun tí wọ́n bá sọ. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, fáìlì kan wọlé láti sáíbà. Mo da òun àti ti Pásítọ̀ pọ̀ mọ́ra, kí gbogbo àtúnṣe lè hàn lójú ewé kan náà. Ní àárọ̀ Sátidé, mo po tíì sínú ife, mo jókòó, mo fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun.

Àwọn kékeré ni mo kọ́kọ́ rí. Pásítọ̀ ti sọ «a pàdé» di «a kóra jọ pọ̀ nínú ẹ̀mí ìṣọ̀kan». Mo kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ó tún ọjọ́ ìrìbọmi àkọ́kọ́ ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ìrìbọmi wà, mo gbà á. Ó bèèrè létí ìwé bóyá kí á fi àwòrán kún un, mo dá a lóhùn níbẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń lọ geerege. Ìgbà tí mo dé ìpínrọ̀ Màmá, mo gbé ife tíì sílẹ̀.

Wọ́n ti fa ìlà pupa la gbogbo rẹ̀, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Létí ìwé, ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: «Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ́.»

Mo gbé atọ́ka lé ìlà náà kí n lè rí ẹni tó ni ín, kọ̀ǹpútà sì sọ orúkọ fún mi: CYBER. Mo lọ sí àtúnṣe tó ṣáájú rẹ̀: CYBER. Èyí tó tẹ̀ lé e: CYBER. Ọlọ́run mi! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Orí kọ̀ǹpútà kan náà ni àwọn àgbà méjèèjì ti ṣiṣẹ́, nínú fáìlì kan náà, orúkọ tí sáíbà fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló sì lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo tí wọ́n sọ. Àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà, bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń dá bá ara rẹ̀ jiyàn. Ọjọ́ àti wákàtí tó yẹ kó ràn mí lọ́wọ́ kò sì wúlò, torí aago kọ̀ǹpútà wọn ti kú, ó ń gbé ọdún tí kò jọ nǹkankan jáde.

Àmọ́ ta ni mo tún fẹ́ bi? Ta ló máa ń sọ pé àwa ọmọ Nàìjíríà la dá ìjọ sílẹ̀? Mo dá Bàbá lẹ́jọ́ níbi tí mo jókòó sí, mo sì dá a lẹ́bi. Ìka mi ti wà lórí «Refuser» nígbà tí fóònù dún. Pásítọ̀ ni. Atẹ̀wé ń retí fáìlì kí ó tó di ọ̀sán, ó ní kí ló ń dá mi dúró. Mo ṣàlàyé díẹ̀. Ó ní ṣebí ibì kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tẹ ibẹ̀, kí n fi ránṣẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù fóònù náà nù. Tí mo bá gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Màmá á pòórá, ọ̀rọ̀ etí ìwé tó wà lára ìpínrọ̀ náà á sì bá a lọ, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láé pé obìnrin kankan wà níbẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé mi ò lè gba ohun tí mi ò mọ ẹni tó ni ín, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo kó o sínú àpò, mo jáde.

Mo na ọwọ́ sí takisí, mo pe Nombakélé láti ojú fèrèsé, awakọ̀ tẹ fèrè pé ó gbà, mo wọlé. Títí tí a fi débẹ̀ ni mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, mo sì tún fẹ́ kí ó ta á lára.

Bàbá ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, n kò tilẹ̀ jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ti rí ìlà tí wọ́n fà lé Màmá lórí, mo ní ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí a kò mọ̀ bóyá yóò rí àjọ̀dún mìíràn. Mo sọ ọ́ títí èémí fi tán lára mi. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà, kí n fi ibẹ̀ hàn án. Mo fi hàn án. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí:

«Èyí tí mo fi kún un dà?»

Mo ní èwo. Ó ní òun kò yọ nǹkankan, òun fi gbólóhùn kan kún ìparí ibẹ̀ ni, ọkùnrin sáíbà tẹ̀ ẹ́, ó sì kà á padà sí òun létí. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, kò sí. Kò sí ìlà abẹ́, kò sí àwọ̀, kò sí ohunkóhun. Mo fẹ́ sọ pé bóyá Bàbá gbàgbé ni, ni ọgbọ́n bá sọ sí mi lọ́kàn bí iná tó tàn lójijì. Mo pariwo sókè, ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ dùn. Tí ẹnìkan bá fa ìlà la ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í lọ, yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà lórí, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè rí i. Tí ó bá sì fa ìlà la ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, ìyẹn náà á dúró. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá pa ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un rẹ́, kọ̀ǹpútà á gbà pé ó yí ọkàn padà ni, á sì gbé e sọnù láìfi àpá sílẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, CYBER ló kọ gbólóhùn Bàbá, CYBER náà ló pa á rẹ́. Ẹni tó fa ìlà pupa yìí, ẹ̀yìn Bàbá ló dé sáíbà. Ẹni méjì péré ni mo sì ní kí ó lọ síbẹ̀.

«Màmá ni,» ni mo sọ. «Màmá ló fa ìlà lé ara rẹ̀ lórí.»

Bàbá gbé ṣòkòtò sílẹ̀. Ó ní kí a lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó, èmi nìkan á lọ, ó ti wọ bàtà rẹ̀ kí n tó sọ tán. Nínú takisí, mo bi í pé kí ni gbólóhùn tó fi kún un sọ. Ó ní kí n ní sùúrù, iwájú obìnrin yẹn ni òun á ti sọ ọ́. Mo rò pé ìjà tó ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra ló fẹ́ parí tàbí kó bú gbàù lójú mi, èmi ni mo sì fi kọ̀ǹpútà fà á.

Màmá ń ṣa ewé níwájú ilé. Nígbà tó rí àwa méjèèjì pọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Bàbá wá gba ìjọ tirẹ̀ ni. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ka ìpínrọ̀ náà, mo sì bi í bóyá òun ló ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní òun ni. Ó ní nígbà tí ọkùnrin sáíbà kà á dé ibi tó ti sọ pé òun ló ni ilé ìdáná, òun kò jẹ́ kó kà á tán, òun ní kí ó yọ gbogbo rẹ̀.

Mo ní, «Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá?»

«Torí kì í ṣe èmi,» ni ó dáhùn. «Ilé ìdáná yẹn kì í ṣe tèmi. Àyè ni mo tọrọ níbẹ̀ tí mo fi ń din àkàrà. Ìyá kan tó jẹ́ Fang, ẹ̀yà kan nílẹ̀ yìí, ló nilẹ̀, òun ló ni páànù orí rẹ̀. Ẹ ti ń fi ọpẹ́ rẹ̀ fún mi láti ìgbà tó ti kú, mò ń dákẹ́, mò ń pè é ní eré. Ṣùgbọ́n inú ìwé? Ẹni tó bá kà á lẹ́yìn tí mo bá lọ, ta ni yóò sọ fún un?»

Ó ti pẹ́ tí ìjọ ti ń pè é ní «ilé ìdáná Màmá», èmi náà sì gbé e bẹ́ẹ̀ wọnú ìwé. Mo wo Bàbá. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní kí n tẹ ohun tí òun fẹ́ sọ, bó ṣe sọ ọ́ fún sáíbà gẹ́lẹ́, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ mi lè bá a:

«Ìyá Fang kan ló nilẹ̀ náà, kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n tí a bá gbàdúrà tán, Àmín tirẹ̀ ló máa ń ròkè jù.»

Màmá ju ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, «O rántí Àmín yẹn?» Bàbá ní ta ni yóò gbàgbé rẹ̀, Àmín tó ń jí àwọn ọmọ ọwọ́ lójú oorun. Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká, wọ́n ń sín Àmín náà jẹ fún mi, Bàbá á sín in, Màmá á ní kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n lọ sọ ní sáíbà! Ọ̀kan fẹ́ fi obìnrin náà sínú ìwé, èkejì fẹ́ jáde kí obìnrin náà má bàa pàdánù àyè rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì fi èkejì pa àkọ́kọ́ rẹ́. Mo fẹ́ dìde kí n jó.

Ìjà kékeré kan ṣì kù. Màmá ní kí n yọ òun kúrò níbẹ̀ pátápátá. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ló lọ bẹ obìnrin náà, ṣé òun tí kò mọ ju «bonjour» lọ? Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí: Màmá, tí kò gbọ́ èdè ilẹ̀ yìí kankan nígbà náà, ló mú ìyá náà lọ́wọ́, ó na ìka sí ọ̀run, ó na ìka sí ilé ìdáná, ó sì kúnlẹ̀. Màmá ní òun kò kúnlẹ̀, òun lóṣòó ni. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Mo tẹ «Refuser» lórí ìlà pupa, ìpínrọ̀ náà sì jí dìde. Lẹ́yìn náà ni mo tún un ṣe lábẹ́ orúkọ tèmi, kí gbogbo ohun tí mo bá fi kún un lè máa hàn títí wọn yóò fi gbọ́ ọ. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé Màmá ló ṣí ilé ìdáná rẹ̀, mo sọ ọ́ di pé Màmá lọ bẹ̀bẹ̀, Ìyá Fang sì ṣílẹ̀kùn. Mo fi gbólóhùn Bàbá tẹ̀ lé e. Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀kan. Màmá ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán, ó bèèrè ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí èèyàn bá gbà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ìka rẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ búlúù náà sì di dúdú bí ọ̀rọ̀ ìyókù. Ọ̀rọ̀ etí ìwé rẹ̀ ni mo pa rẹ́ kẹ́yìn, torí ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Pásítọ̀ tún pè. Mo kà á fún un. Ó ní ṣé ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ gba irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ìjọ. Mo ní àwa náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà wá. Ó ní kí n fi ránṣẹ́.

Ọmọbìnrin Ìyá Fang ṣì ń gbé lẹ́yìn ilé Màmá. Òun náà ti di ìyá àgbà. A pè é sí àjọ̀dún, ó wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá nítòsí ẹnu ọ̀nà, kò gbà kí a gbé e wá síwájú. Pásítọ̀ ka ìpínrọ̀ náà ní Yorùbá, ó sì kà á ní Faransé. Kò tíì pa ìwé dé nígbà tí ohùn kan gbéra láti ẹnu ọ̀nà, ó gùn, ó ròkè, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún: «Àmín!»

Màmá di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ojú rẹ̀ ti ṣú pátápátá nígbà náà, kò rí ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ó ní, «Ó ti dé.»